Póòlù Ọ̀gá: Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Ampilifáyà Ẹmítà-Àjùmọ̀lò Ti Ń Rẹ̀

Ẹ káàbọ̀ o. Kí n tó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan. Ó kó ampilifáyà oní-tiransísítọ̀ kan jọ, ó sì ti ṣírò rẹ̀ lórí ìwé pé yóò dé nǹkan bíi 780 kílòhátísì kí ìlọ́po rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó gbé e sórí tábìlì, ó fi ọsilosikóòpù wò ó, ó rí i pé ní nǹkan bíi 320 ló ti rẹ̀ ẹ́. Ó pààrọ̀ tiransísítọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tún gbogbo ìsopọ̀ jó pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìṣirò rẹ̀ pé, tiransísítọ̀ náà ò sì jẹ̀bi nǹkan kan. A ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àyíká tí mo fẹ́ ká jọ wò lónìí kò yàtọ̀ sí tirẹ̀. Tiransísítọ̀ NPN kan ni. Kapásítọ̀ ńlá kan so ẹmítà rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, àmì ń gba béèsì wọlé, ó ń gba kọlẹ́kítọ̀ jáde. Kọ́rẹ́ǹtì tó ń gba kọlẹ́kítọ̀ kọjá jẹ́ 1 mílíámpíà, ìyẹn sì fún wa ní gm tó tó 0.04 ámpíà fún fóltì kọ̀ọ̀kan nígbà tí yàrá ò bá gbóná jù. Béètà rẹ̀ jẹ́ 100, nítorí náà rπ jẹ́ 100 pín sí 0.04, ìyẹn 2500 oómù. Orísun àmì ní 1000 oómù nínú. Níwájú kọlẹ́kítọ̀, rẹsísítọ̀ 6000 oómù kan ń gba iná bọ̀ láti òkè, ẹrù tó ń gba àmì náà sì jẹ́ 6000 oómù. Lójú àmì, àwọn méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n di 3000. Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní RL. Àwọn rẹsísítọ̀ tó ń gbé béèsì ró tóbi púpọ̀, n ò ní kà wọ́n.

Láàárín, níbi tí kò sí kapásítọ̀ kankan tó ń yọ wá lẹ́nu, ìlọ́po rẹ̀ rọrùn láti rí. Orísun àti rπ pín àmì láàárín ara wọn, ìdá 0.714 ló dé béèsì, tiransísítọ̀ sì sọ èyí di ìlọ́po 120, torí 0.04 lọ́nà 3000 ni. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 86, pẹ̀lú àmì òdì níwájú, torí bí béèsì bá ń gòkè, kọlẹ́kítọ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀.

Kí ló wá ń jẹ́ kí 86 yìí máa jò dànù bí fíríkúẹ́ńsì ti ń gòkè? Kapásítọ̀ kéékèèké mẹ́ta ni. Méjì wà nínú tiransísítọ̀ fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó fi wọ́n síbẹ̀: Cπ láàárín béèsì àti ẹmítà, àti Cμ láàárín béèsì àti kọlẹ́kítọ̀. Ẹ̀kẹta ni CL, tó wà láàárín kọlẹ́kítọ̀ àti ilẹ̀. Wáyà ló mú un wá, àti ojú ìwọlé ohun tó kàn lẹ́yìn ampilifáyà wa. Ìwé àlàyé tiransísítọ̀ kì í sábà dárúkọ Cμ. Cob ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Tiwa jẹ́ 2 píkófárádì. Ẹ kíyè sí fóltéèjì tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n o, torí bí fóltéèjì láàárín béèsì àti kọlẹ́kítọ̀ bá dínkù, kapásítọ̀ yìí á máa pọ̀ sí i. Cπ kò sí nínú ìwé náà rárá, ara fT la ti ń yọ ọ́. Bí fT bá jẹ́ 400 mẹ́gáhátísì, 0.04 pín sí 2π lọ́nà fT fún wa ní nǹkan bíi 16 píkófárádì fún àwọn méjèèjì lápapọ̀. Yọ 2 kúrò, ó ku 14 fún Cπ. CL, ẹ jẹ́ ká fi í sí 5.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe kéré tó. Ẹ óò rí i láìpẹ́ pé èyí tó kéré jù nínú wọn ló ń dá gbogbo iṣẹ́ dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ rí òtítọ́ pátápátá lè kọ ìdọ́gba kọ́rẹ́ǹtì sílẹ̀ fún béèsì àti fún kọlẹ́kítọ̀, kó yanjú wọn pọ̀. Yóò rí i pé ìlọ́po àárín náà ń pín sí ohun kan báyìí:

```
1 + b1·s + b2·s²
```

Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn kún ojú ewé mẹ́ta kí wọ́n tó débẹ̀, tí wọ́n á wá rí b1 tó gùn bí ọ̀nà oko, tí wọn ò ní mọ rẹsísítọ̀ wo gan-an ni kí wọ́n yí. Láàárín àwọn ọdún 1960, ní MIT, Richard Adler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọ̀nà mìíràn jáde: ẹ má yanjú ohunkóhun, ẹ já àwọn kapásítọ̀ kúrò, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ bi í pé mélòó ni rẹsísítáǹsì tó ń rí láti ibi tó dúró. Ẹ sọ rẹsísítáǹsì náà di púpọ̀ pẹ̀lú kapásítọ̀ náà, ó di àkókò kan. Ẹ ro gbogbo àkókò wọ̀nyẹn pọ̀. Àròpọ̀ yẹn ni b1.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àbá lásán ni, pé a kàn ń méfò. Rárá o. Ní ti b1, òtítọ́ tó pé ni, kò sí ìméfò nínú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ rèé. Nínú gbogbo ìdọ́gba àyíká, C kì í rìn láìsí s lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. sC ni wọ́n máa ń jẹ́ nígbà gbogbo. Ibi tí kapásítọ̀ méjì bá ti pàdé, s méjì ló máa wà níbẹ̀, ìyẹn á bọ́ sínú b2. Nínú b1, tí s rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, kapásítọ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá wà ni, kò sí èyí tó fọwọ́ kan èkejì. Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, ìpín Cμ nínú b1 kò ní yí padà bí mo bá sọ Cπ àti CL di òfo. Kapásítọ̀ òfo kò sì jẹ́ nǹkan kan ju wáyà tó já lọ. Tó bá wá ku kapásítọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo nínú àyíká, gbogbo wa la mọ ìdáhùn rẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́: 1 + RCs ni. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà ti wá.

Ibi tí ìméfò ti wọlé ni ìgbésẹ̀ tó kàn. Póòlù ni fíríkúẹ́ńsì tí ìlọ́po ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í já, b1 sì jẹ́ àròpọ̀ àkókò gbogbo póòlù, 1/p1 àti 1/p2. Bí p1 bá lọ sílẹ̀ gan-an ju p2 lọ, 1/p1 á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo b1, a sì lè sọ pé p1 jẹ́ 1/b1. Póòlù bẹ́ẹ̀ là ń pè ní póòlù ọ̀gá. Bí kò bá sí ọ̀gá nínú wọn, ìdáhùn wa á ṣì wúlò, àmọ́ á fì sápá kan. Màá fi èyí hàn yín lópin.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ẹ fi ilẹ̀ rọ́pò orísun àmì, kó ku 1000 oómù rẹ̀. Ẹ já Cμ àti CL kúrò, ẹ dúró sí ibi tí Cπ wà. Kí lẹ rí? rπ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1000 oómù orísun, wọ́n di 714 oómù. Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní R1. 714 lọ́nà 14 píkófárádì jẹ́ 10 nánòsẹ́kọ́ńdì. CL náà rọrùn: bí orísun bá wà nílẹ̀, kò sí kọ́rẹ́ǹtì tó ń wọ béèsì, tiransísítọ̀ ń sùn, CL ò rí nǹkan kan ju 3000 oómù lọ. Ìyẹn 15 nánòsẹ́kọ́ńdì.

Cμ ló gba ìfarabalẹ̀. Kò dúró sórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà ní béèsì, èkejì ní kọlẹ́kítọ̀. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi orísun kọ́rẹ́ǹtì kékeré kan, i, sí àyè rẹ̀, tó ń fa kọ́rẹ́ǹtì láti kọlẹ́kítọ̀ tó sì ń tì í sínú béèsì. Ní béèsì, i ń gba R1 lọ sílẹ̀, nítorí náà fóltéèjì béèsì jẹ́ i·R1. Ṣùgbọ́n fóltéèjì yẹn ti jí tiransísítọ̀, ó ti ń fa gm·i·R1 nídìí kọlẹ́kítọ̀. Ní kọlẹ́kítọ̀, nǹkan méjì ló wá ń fa kọ́rẹ́ǹtì gba inú 3000 oómù: i tiwa, àti èyí tí tiransísítọ̀ ń fà. Àwọn méjèèjì ń fa fóltéèjì kọlẹ́kítọ̀ sísàlẹ̀. Béèsì lọ sókè, kọlẹ́kítọ̀ lọ sísàlẹ̀ jìnnà, àlàfo tó wà láàárín wọn pín sí kọ́rẹ́ǹtì i sì fún wa ní:

```
Rμ = R1 + RL + gm·R1·RL
   = 714 + 3000 + 0.04 × 714 × 3000
   ≈ 89 400 Ω
```

Mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ nọ́mbà yẹn. Kò sí rẹsísítọ̀ 89 kílò-oómù kankan nínú àyíká wa. Èyí tó tóbi jù nínú wọn jẹ́ 6000. Ìlọ́po tiransísítọ̀ ló bí i. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 2 píkófárádì, ó di 179 nánòsẹ́kọ́ńdì.

Àròpọ̀ wá jẹ́ 10, 15 àti 179, ìyẹn 204 nánòsẹ́kọ́ńdì. Ẹ pín 1 sí 2π lọ́nà rẹ̀, ẹ rí 780 kílòhátísì. Iṣẹ́ parí ní ìlà mẹ́rin. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá mo purọ́, ẹ yanjú ìdọ́gba náà pátápátá: póòlù àkọ́kọ́ wà ní nǹkan bíi 785 kílòhátísì, èkejì sì wà lókè réré ní nǹkan bíi 140 mẹ́gáhátísì. Ọ̀gá wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àṣìṣe wa kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ kapásítọ̀ tí ẹ máa rà lọ́jà lè fi ìdá mẹ́wàá ṣìnà láìbẹ yín.

Àmọ́ kì í ṣe 780 yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀nà yìí. Ìwé ìṣirò tó kù sílẹ̀ ni. Nínú 204, Cμ nìkan kó 179, ó ju ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ampilifáyà yìí yára, tó wá ń wá tiransísítọ̀ tí Cπ rẹ̀ kéré, ó ń lé eku nígbà tí ilé ń jó. Ìdáhùn kọ̀ǹpútà máa sọ 785 fún yín, àmọ́ kò ní sọ ẹni tó jẹ̀bi.

Àwọn tó ti kọ́ nípa Miller á ti máa bi mí pé kí ló yàtọ̀. John Miller ti ṣàlàyé ní ọdún 1920 pé kapásítọ̀ tó so ìwọlé mọ́ ìjáde á máa dà bíi pé ó di ńlá lójú ìwọlé. Ní tiwa, Cμ á di 2 lọ́nà 121, ìyẹn 242. Fi 14 kún un, 256 píkófárádì lọ́nà 714 jẹ́ 183 nánòsẹ́kọ́ńdì, fíríkúẹ́ńsì á sì jẹ́ 871 kílòhátísì. Ó sún mọ́ ọn, kò pé. Ohun tó sọ nù ni ẹ̀gbẹ́ ìjáde: 15 ti CL, àti 6 tí Cμ fúnra rẹ̀ ń ná lórí 3000 oómù. Fi 21 yẹn kún 183, 204 wa padà dé. Bí ẹrù bá kéré, ẹni tó lo Miller ò ní mọ̀ pé òun ṣìnà. Bí CL bá pọ̀, á mọ̀.

Èyí ló gbé wa padà sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo ní kó gbé póróòbù ọsilosikóòpù rẹ̀ wá. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lára rẹ̀, ó wà lórí ×1. Póróòbù bẹ́ẹ̀, tó bá wà lórí ×1, ń gbé kapásítọ̀ wáyà rẹ̀ àti ti ọsilosikóòpù pọ̀ sórí ohun tí ẹ ń wọ̀n, ó sì lè tó 100 píkófárádì. CL rẹ̀ kúrò ní 5, ó di 105. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò pẹ̀lú mi: 105 lọ́nà 3000 jẹ́ 315 nánòsẹ́kọ́ńdì, fi 10 àti 179 kún un, 504, fíríkúẹ́ńsì di 316 kílòhátísì. Ohun tó rí lójú ọsilosikóòpù gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo yí bọ́tìnnì náà sí ×10, níbi tí kapásítọ̀ póróòbù ti jẹ́ bíi 12, fíríkúẹ́ńsì sì fò sókè sí nǹkan bíi 660. Kódà nígbà yẹn póróòbù ṣì ń jẹ lára rẹ̀. Àmì tí ẹ fi lè mọ irú ọ̀ràn yìí kò le: bí ẹ bá fi póróòbù kejì kan kọlẹ́kítọ̀ kan náà, tí ohun tí ti àkọ́kọ́ ń fi hàn yí padà, ẹ̀rọ ìwọ̀n yín ti di ara àyíká.

Ọ̀nà àṣìṣe kan wà tí mo máa ń rí nínú ìwé ìdánwò lọ́dọọdún. Wọ́n á gbọ́ "ẹ já kapásítọ̀ kúrò", wọ́n á já gbogbo rẹ̀, títí kan kapásítọ̀ ńlá tó so ẹmítà mọ́lẹ̀ àti àwọn tó ń gbé àmì wọlé tó ń gbé e jáde. Lẹ́yìn náà, rẹsísítọ̀ ẹmítà á yọjú sínú ìṣirò, gm á dínkù lójú wọn, Rμ á kéré, wọ́n á sì rí fíríkúẹ́ńsì tó dùn ún gbọ́. Àwọn kapásítọ̀ ńlá yẹn ní ìpàdé tiwọn ní ìsàlẹ̀ fíríkúẹ́ńsì. Níbi tí a wà yìí, wáyà lásán ni wọ́n. Ẹ so wọ́n pọ̀, ẹ má já wọn. Kìkì àwọn tó ń mú ìlọ́po wálẹ̀ lókè là ń já.

Èkejì fara sin díẹ̀. Láti ìta béèsì sí béèsì gan-an nínú tiransísítọ̀, rẹsísítáǹsì kékeré kan wà, rx, bí 100 oómù. Pẹ̀lú orísun wa tó jẹ́ 1000 oómù, ó mú 780 wá sí nǹkan bíi 735, kò sẹ́ni tó máa bínú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ní ẹ gbé orísun oní-50 oómù wá. R1 di 49, Rμ di nǹkan bíi 8900, gbogbo àkókò pọ̀ di nǹkan bíi 34, ẹ rí 4.75 mẹ́gáhátísì. Ẹ fi rx sí i: R1 ti di 141, Rμ ti di 20 000, àròpọ̀ ti di 57, fíríkúẹ́ńsì ti jábọ́ sí 2.8. Ohun tí ẹ fojú fò torí pé ó kéré ti gba nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ yín lọ́wọ́. Bí orísun bá ti kéré sí kílò-oómù kan, ẹ má ṣe fi rx sílẹ̀.

Níwọ̀n bí ìṣirò ti sọ fún wa pé gm·R1·RL ni ọ̀tá, ẹ jẹ́ ká gé RL kúrò níbẹ̀. Ẹ fi tiransísítọ̀ kejì sórí kọlẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́, kí béèsì rẹ̀ wà nílẹ̀ lójú àmì, kí àmì máa gba ẹmítà rẹ̀ wọlé. Kásíkóòdù nìyẹn. Ohun tí kọlẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́ wá ń rí kì í ṣe 3000 mọ́, 1/gm ni, 25 oómù péré. Rμ rẹ̀ di 714 pẹ̀lú 25 pẹ̀lú 714, nǹkan bíi 1450 oómù, àkókò rẹ̀ sì jábọ́ láti 179 sí 3. Cπ àkọ́kọ́ ṣì ń gba 10, Cπ kejì kò ju 0.35 lọ. Ní ìjáde, Cμ kejì àti CL jókòó pọ̀ sórí 3000, wọ́n gba 21. Àròpọ̀ jẹ́ 34, fíríkúẹ́ńsì jẹ́ 4.6 mẹ́gáhátísì, ìlọ́po sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá.

Ó yẹ kí inú wa dùn, àmọ́ ẹ tún wo nọ́mbà wọ̀nyẹn. Ìwọlé ń gba bíi 13, ìjáde ń gba 21. Ta ni ọ̀gá níbẹ̀? Kò sí. Póòlù méjèèjì ti sún mọ́ ara wọn, 1/b1 kò lè pe ọ̀kankan nínú wọn lórúkọ. Bí ẹ bá wá ibi tí ìlọ́po ti já sí 0.707 gan-an pẹ̀lú póòlù méjèèjì, ẹ óò bá a ní nǹkan bíi 5.9. A ti fi ìdá méjìlélógún nínú ọgọ́rùn-ún dín in kù. Fún póòlù méjì tí kò ní àdàlù, èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibi tó burú jù, torí bí wọ́n bá dọ́gba pátápátá, ìdín náà á jẹ́ bákan náà, nǹkan bí ìdá méjìlélógún. Bí ìsopọ̀ ẹ̀yìn bá wà tó sọ póòlù di onílọ́po méjì tó ń jó, ìlérí yìí ti bàjẹ́, ẹ má fọkàn tán 1/b1 níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú kásíkóòdù lórí bọ́ọ̀dù. Ó fi póróòbù sórí ×10, ó rí nǹkan bíi 2.7 mẹ́gáhátísì. Kó tó sọ pé ẹ̀rọ ò dáa, ó mú bírò, ó fi 12 píkófárádì kún 5 àti 2, ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 3000. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ wá tiransísítọ̀ kẹta tí á dúró láàárín kọlẹ́kítọ̀ àti póróòbù.